Rírán apá gáùn láìjẹ́ kí èjìká ṣùjọ

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè rán apá mọ́ gáùn ańkárá tí orí èjìká kò fi ní ṣùjọ?

Ẹ fi òwú fa orí apá wọlé kí ẹ tó rán an mọ́ ara gáùn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi téèpù wọn orí apá àti ihò apá, lórí ìlà tí abẹ́rẹ́ máa gbà. Ká ní ihò apá jẹ́ íńṣì 18, tí apá jẹ́ 19, ańkárá á gba íńṣì 1 tó lé yẹn. Tó bá lé ní íńṣì 2, á ṣùjọ dandan, torí ańkárá kì í súnkì bíi wúùlù. Ẹ dín orí apá kù.

Ẹ rán ìlà méjì tí ojú rẹ̀ gùn sí orí apá, láti àmì iwájú dé àmì ẹ̀yìn, kí ẹ rọra fa òwú bọ́bìn. Etí aṣọ lè dà bíi pé ó ká kò, ṣùgbọ́n ojú ìlà rírán gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù tó ní ooru omi tẹ etí náà.

Ẹ fi píìnì mú àárín orí apá mọ́ ojú rírán èjìká, àti abẹ́ apá mọ́ ẹ̀gbẹ́ gáùn. Ẹ jẹ́ kí apá wà lókè bí ẹ bá ń rán an, kí ẹ lè rí ibi tó bá fẹ́ ká, kí ẹ sì fi ìka tẹ́ ẹ.

Apá tó wú ní tirẹ̀, ṣíṣùjọ ni ẹwà rẹ̀.