Lẹ́tà tí mo fi tẹ̀lé ìjábọ̀ pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù mi

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, olùkọ́ dá ìjábọ̀ Físíìsì mi padà, ó ní àlàyé èsì mi kò múná. Mo ti tún un ṣe, ó tún ní kí n kọ lẹ́tà láti sọ ohun tí mo yí padà. Kí ni n ó kọ síbẹ̀?"

Àbúrò mi, má fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n dá tèmi padà l'Ádó-Èkìtì, ohun tí mo kọ ni pé "Mo ti tún àlàyé mi ṣe dáadáa, sà." Wọ́n tún dá a padà.

Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ tèmi. Mo so bọ́ọ̀lù irin kékeré mọ́ òwú, mo lo gígùn márùn-ún, L, láti 20 dé 100 sẹ̀ǹtímítà, mo sì wọn T, àkókò tí bọ́ọ̀lù fi ń lọ tó fi ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣírò g, ìyẹn ìwọ̀n òòfà ilẹ̀, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá ìpíndọ́gba wọn, ó jẹ́ 9.46, ó kéré sí 9.81 inú ìwé. Mo bá kọ ọ́ pé "àṣìṣe ọmọ ènìyàn" ló fà á. Abẹ́ gbólóhùn yẹn gan-an ni olùkọ́ fi báírò pupa fa ìlà sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo to márààrún sójú ìwé: 9.16, 9.43, 9.53, 9.58, 9.61. Àyà mi já. Bí òwú ṣe ń gùn sí i ni g ń ga sí i. Àṣìṣe ọwọ́ lásán ì bá máa lọ sókè, kó máa bọ̀ nísàlẹ̀; èyí ń gòkè ṣáá ni, òwú kúkurú ló sì ń pa lára jù. Mo padà sí láàbù pẹ̀lú rúlà. Àṣé òkè bọ́ọ̀lù ni mo wọn òwú dé, n kò wọ̀n ọ́n dé àárín rẹ̀.

Lẹ́tà tí mo wá kọ nìyí:

"Ẹ sọ ní ojú ìwé kẹrin pé n kò sọ ìdí tí g fi kéré. Mo ti yọ ìpíndọ́gba kúrò, mo sì ya gíráàfù T² sí L dípò rẹ̀. Ìlà náà kò gba orí òdo kọjá, ó gé ọ̀pá T² ní 0.05. Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 4.06, bí a bá fi í pín 0.05, a ó rí 0.012 mítà, ìyẹn 1.2 sẹ̀ǹtímítà, tí í ṣe ìdajì ìbú bọ́ọ̀lù náà. Mo ya ìlà tó ga jù àti èyí tó tẹ́ jù tí àwọn àmì lè gbà, g sì jẹ́ 9.72 ± 0.10. N kò fọwọ́ kan ìwọ̀n kankan tí mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Má gbàgbé irú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn o. Tí èsì bá ṣàdédé dára, olùkọ́ á máa fura pé o ti tún nọ́ńbà ṣe.

Mo fi ìlà kan kún un. Níhìn-ín l'Ékìtì, g tó nǹkan bí 9.78, torí a sún mọ́ agbedeméjì ayé, 9.81 inú ìwé kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n méjèèjì ló bọ́ sáàárín 9.62 àti 9.82, nítorí náà mo sọ fún un pé ìwọ̀n mi kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Irú iṣẹ́ wo ni tìrẹ? Kọ àwọn nọ́ńbà rẹ síbí, kí n bá ọ wò wọ́n.