Kọ́mà méjì tó sọ ayálégbé mẹ́jọ di onígbèsè

Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Èmi ni mo ń gba owó iná nílé wa ní Àpáta, àwa mẹ́jọ la sì ń gbé ibẹ̀. Mo lẹ ìwé kan mọ́ ògiri: "Àwọn ayálégbé, tí wọ́n jẹ owó iná, gbọ́dọ̀ san án kí ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá." Àwọn tó ti sanwó ń bínú pé mo pe àwọn ní onígbèsè. Ọmọ mi ní kọ́mà ló fà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Òótọ́ lọmọ yín sọ. Ká ní ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ jẹ gbèsè. Bí ẹ bá kọ ọ́ láìsí kọ́mà, "Àwọn ayálégbé tí wọ́n jẹ owó iná gbọ́dọ̀ san án," awẹ́ gbólóhùn tí "tí" ṣáájú yẹn ń ṣa èèyàn ni. Ó yọ àwọn mẹ́ta sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ò kan márùn-ún yòókù. Ṣùgbọ́n bí kọ́mà ṣe há a láàárín yìí, kò ṣa ẹnikẹ́ni mọ́. "Àwọn ayálégbé" ti parí síbi kọ́mà àkọ́kọ́, gbogbo yín sì ni. Ohun tó tẹ̀ lé e wá di àfikún nípa yín, pé ẹ jẹ gbèsè. Ìyá tó so rìsíìtì mọ́ etí ìró rẹ̀ ò ní ṣàìbínú.

Nídìí iṣẹ́ mi, àtàǹpàkò ni mo fi ń bo awẹ́ náà, màá wá ka ìyókù: "Àwọn ayálégbé gbọ́dọ̀ san án." Ó ti fẹ̀ ju ohun tí ẹ ní lọ́kàn lọ, a jẹ́ pé kọ́mà ò yẹ ẹ́. Ẹ wá wo èyí: "Kòkó Háòsì, tí wọ́n parí ní 1965, wà ní Dùgbẹ̀." Ẹ bò ó, ilé kan náà ṣì ni, torí kò sí méjì rẹ̀ n'Íbàdàn tí a ó máa ṣà. Kọ́mà tọ́ síbẹ̀, méjèèjì sì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ti àkọ́kọ́ sí i, wọn a gbàgbé ìkejì.

Ibi tí "náà" bá dúró sí tún máa ń tú àṣírí. Nínú "yàrá tí òjò ń jò sí náà," òjò la fi dá yàrá mọ̀. Nínú "yàrá náà, tí òjò ń jò sí," a ti mọ yàrá ọ̀hún ká tó dárúkọ òjò.

Àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ ìwé létí ò rí kọ́mà, bí ẹni tó ń kà á ò bá sì dánu dúró, ìtumọ̀ ti dà rú. Tọ́rọ̀ bá kan owó, "bá" ni mo máa ń lò, torí ẹni tọ́rọ̀ bá bá mu nìkan ló ń mú. Ẹ ya ìwé àkọ́kọ́ yẹn, kẹ́ ẹ lẹ èyí: "Ayálégbé tó bá ṣì jẹ owó iná gbọ́dọ̀ san án kí ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá."