Ọkọ́ mẹ́ta di oko mẹ́ta nítorí sikáànì

«Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ ṣe sikáànì ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ wa ní Ìjerò, kí ẹ̀rọ lè bá mi ka ìfọwọ́kọ inú rẹ̀. dpi mélòó ni kí n lò? Ṣé dúdú-òun-funfun ti tó, àbí kí n lo aláwọ̀? Fáìlì wo ló dára jù? Mi ò ní sikánà, fóònù ni mo ní, ṣé ó lè ṣe é?»

Àbúrò mi, kí n tó dárúkọ nọ́ńbà kankan, má tíì gbé ìwé yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà o. Ibẹ̀ ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó ní abúlé wa lẹ́bàá Ọ̀yẹ́, láti 1958 títí di 1971. Ìwé fúlúsikáàpù mọ́kànlá ló fi sílẹ̀, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ ni, kì í fi àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà ṣeré. Mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Àjílósùn, l'Adó. Ọmọkùnrin ibẹ̀ ní 200 dpi, dúdú-òun-funfun, ló dára, pé fáìlì rẹ̀ ò ní wúwo. Ọkàn mi ò balẹ̀, mo lọ bi ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa àkọsílẹ̀. Kò tilẹ̀ ṣí ìwé wò. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ní, «Màdáámù, dúdú-òun-funfun ni gbogbo ayé ń lò.» Mo bá gbà. Wọ́n ṣe é, wọ́n gbowó, mo kó ìwé padà sínú àpótí. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi máa dá, ikán ti jẹ mẹ́fà nínú mọ́kànlá.

Ohun tó kù nínú mẹ́fà yẹn lónìí ni sikáànì burúkú náà.

Mo wá ní kí ẹ̀rọ ka gbogbo rẹ̀, mo tún ibi tí mo rí tún ṣe, mo tẹ ẹ̀dà fún ẹbí àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ní ojú ewé kan, ẹgbẹ́ fún ọkùnrin kan ní ọkọ́ mẹ́ta. Ohun tó jáde nínú ẹ̀dà mi ni «oko mẹ́ta». Ọmọ ọmọ ọkùnrin yẹn kà á, ó ní ilẹ̀ bàbá òun dà. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi ń jókòó níwájú baálẹ̀ nítorí ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè! Mo lọ wo àwòrán sikáànì náà, mo fẹ̀ ẹ́ títí, kò sí àmì kankan lábẹ́ lẹ́tà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lórí wọn. Ikán sì ti jẹ ojúlówó. Ìwé ìṣirò owó, tí Ọlọ́run bá wa pa mọ́, ló gbà wá: wọ́n kọ £1 2s 6d síwájú ẹrù náà, ìyẹn ṣílè méje àtààbọ̀ lórí ẹyọ kan. Ẹnu gbogbo wọn pa. Oko mẹ́ta wo ló fẹ́ jẹ́ iye yẹn?

Ìdí tí àmì fi sọ nù rèé. Tí o bá yan Black & White, sikánà á wo ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ìyẹn igun mẹ́rin tíńtín tí wọ́n tò pọ̀ di àwòrán, á dájọ́ fún un: ìwọ dúdú, ìwọ funfun, kò sí àárín. Yíǹkì tó ti ṣá àti àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà, á pè wọ́n ní funfun. Àbàwọ́n omi àti ipata pín-ìn-nì, á pè wọ́n ní dúdú. Ẹjọ́ tó bá dá tán, kò sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún un. Grayscale, tí èmi ń pè ní àwọ̀ eérú, máa ń tọ́jú ìpele 256 láàárín dúdú àti funfun. Àmì tó ti ṣá ṣì wà níbẹ̀, ó kàn fúyẹ́ ni. Ẹ̀rọ tó ń ka ìfọwọ́kọ sì lè rí ohun tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá wá nílò dúdú-òun-funfun lọ́jọ́ iwájú, láti orí aláwọ̀ o lè sọ̀ kalẹ̀ sí eérú, láti eérú sí dúdú-òun-funfun. Kò sí ẹni tó lè gun àkàsọ̀ yẹn padà sókè.

Fún ìwé ìjọ, aláwọ̀ ni kí o lò, àgàgà bí wọ́n bá fi yíǹkì pupa kọ nǹkan kan. Bàbá mi máa ń fi pupa fagi lé orúkọ ẹni tó bá san gbèsè tán. Nínú sikáànì Àjílósùn, igi pupa náà di dúdú lórí orúkọ dúdú, orúkọ ò ṣeé kà mọ́. Nínú ìwé márùn-ún tó kù, tí mo tún ṣe ní aláwọ̀, pupa dúró lọ́tọ̀, orúkọ dúró lọ́tọ̀. Bí ìwé bá sì fẹ́lẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ń yọ sí iwájú, fi bébà dúdú sẹ́yìn ojú ewé tí o ń ṣe lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi, mo fi ọdún kan jìyà ẹ̀.

Ti dpi, ìyẹn iye ẹyọ àwòrán lórí íǹṣì kan, 300 ni. Àmì tí bíró fi sábẹ́ ọ fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà. Ní 300 dpi, ẹyọ àwòrán bíi 12 ló wà nínú mìlímítà kan, nítorí náà àmì yẹn á gba bíi mẹ́fà ní ìbú. Ní 200, á gba mẹ́rin. Ní 100, á gba méjì péré, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìdọ̀tí. Bí ìfọwọ́kọ bá kéré gan-an, bí irú èyí tí wọ́n há sí etí ìwé, lọ sí 400.

Ọ̀mọ̀wé kan tún wá sọ fún mi pé àfi 1200. Ó gba owó ìmọ̀ràn lórí ẹ̀ o! Ká ṣírò ó. Fúlúsikáàpù jẹ́ íǹṣì 8 sí 13. Ní 300 dpi, ìyẹn jẹ́ ẹyọ àwòrán 2400 sí 3900. Ní aláwọ̀, láìfún un pọ̀, ó tó MB 28, ní eérú ó jẹ́ bíi 9, ní dúdú-òun-funfun ó lé díẹ̀ ní 1. Ní 600 aláwọ̀, ó di MB 112 fún ojú ewé kan ṣoṣo. Ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn ni 1200. Kí lo sì fẹ́ rí níbẹ̀? Ẹ̀rọ tó ń ka ìfọwọ́kọ máa ń gé ìwé sí ìlà-ìlà, á sì fún ìlà kọ̀ọ̀kan sí gíga kan náà kó tó kà á. Nínú ètò tó ń bá Kraken, ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wá, ẹyọ àwòrán 120 ni gíga yẹn. Ìlà tó fi mìlímítà 8 jìnnà síra ti tó bíi 94 ní 300 dpi. Ní 600 ó di 189, ẹ̀rọ á tún fún un padà sí 120. Owó ló dànù yẹn.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun á bá ẹ sọ sikáànì 200 di 300 nínú kọ̀ǹpútà. Mo gbìyànjú ẹ̀ lórí ìwé mẹ́fà tí ikán jẹ. Àwòrán náà tóbi sí i, àmì ò padà wá.

Fáìlì: TIFF tàbí PNG. Àwọn méjèèjì ò sọ nǹkan kan nù, bí o bá tilẹ̀ yan LZW fún TIFF kó lè kéré. JPEG máa ń pín àwòrán sí igun mẹ́rin kéékèèké, ẹyọ àwòrán 8 sí 8, á ju ohun tí ó rò pé ojú ò ní rí nù, á sì fi èérí yí etí lẹ́tà ká. Àmì abẹ́ lẹ́tà ló máa ń kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Bí sikánà rẹ ò bá ní nǹkan mìíràn, gbé quality sí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, má sì ṣí i kí o tún save rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí gbogbo ìgbà tó bá tún un fún ló ń sọ díẹ̀ nù.

PDF kì í ṣe irú àwòrán kan, àpò lásán ni. Ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ni kí o bi wọ́n. Bí wọ́n bá ti fún ẹ ní PDF, fi pdfimages, irinṣẹ́ inú Poppler, wò ó báyìí:

```
pdfimages -list iwe.pdf
```

Wo òpó bpc: bí ó bá jẹ́ 1, dúdú-òun-funfun ni wọ́n ṣe fún ẹ, ohun yòówù kí wọ́n sọ. x-ppi á sọ dpi àwòrán náà. Bí o bá rí jbig2 lábẹ́ enc, ṣọ́ra pẹ̀lú iye owó. Ní 2013, David Kriesel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Jámánì, fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ kan tó ń fún àwòrán lọ́nà yìí ń fi 8 sí ipò 6. Nínú ìwé ọrẹ ìjọ, ìjà ni yẹn máa dá sílẹ̀.

Ohun kan wà tí sikáànì dáadáa ò lè ṣe. Bí wọn ò bá tíì fi Yorùbá alámì kọ́ ẹ̀rọ, o ni yóò máa kọ síbi ọ, bí àwòrán ṣe wù kó mọ́ tó. Èmi fúnra mi tẹ ojú ewé ogójì, mo fi kọ́ ọ nínú Transkribus, ètò kan tó ń ka ìfọwọ́kọ, kó tó gbọ́ èdè. Irú sikáànì kan náà ni kí o fi kọ́ ọ kí o sì fi kà. Mo kọ́kọ́ fi aláwọ̀ kọ́ ọ, mo wá gbé ẹ̀dà dúdú-òun-funfun ti Àjílósùn fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan.

Áà, fóònù lo béèrè. Ó lè ṣe é. Kámẹ́rà tó bá ń ya 4000 sí 3000 á fún ẹ ní 300 ó lé díẹ̀ lórí íǹṣì kan, bí fúlúsikáàpù bá kún ojú àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí o bá jìnnà tí tábìlì gba ìdajì gíga àwòrán, 150 lo ní yẹn. Kámẹ́rà lásán ni kí o lò. Àwọn áàpù tó ń ṣe bíi sikánà máa ń tan ìwé funfun báláú, wọ́n á sì nu àmì nù láìbi ẹ́. Pa fíláàṣì, jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé tí oòrùn ò ti wọlé tààrà, di fóònù mú kó dọ́gba sórí ìwé. Tí o bá fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, wáyà ni kí o lò. Bí ó bá di dandan kó gba WhatsApp kọjá, yan Document, torí bí o bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò, yóò fún un kékeré, ọ̀rọ̀ á tún di ti Àjílósùn.