Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ọkọ̀ méjì nígbà òjò

*Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lọ́jọ́ tójò rọ̀, mò ń bọ̀ láti Toll Gate, mo bá kọlu ìdí Máíkírà kan. Àyè ọkọ̀ kan wà láàárín wa, mo sì tètè tẹ bíréèkì. Báwo ló ṣe yẹ kí àlàfo yẹn tó? Tí mo bá fi àyè sílẹ̀ ńkọ́, ṣebí ẹlòmíì ló máa wọ̀ ọ́?*

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu. Ẹ má fi ojú wọn àlàfo mọ́, kíkà ni kí ẹ máa kà á. Ẹ wo òpó iná tàbí pátákó kan níwájú. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá á, ẹ kà jẹ́jẹ́ pé: "Ọ̀kànlélẹ́gbẹ̀rún, èjìlélẹ́gbẹ̀rún." Ìyẹn tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí imú ọkọ̀ yín bá débẹ̀ kí ẹ tó kà á tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ dín eré kù, kí ẹ tún kà.

Ká ní eré 80 lẹ ń sá. Mítà 22 ni ọkọ̀ ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ojú rẹ̀ dá kedere pàápàá máa ń lò tó bẹ́ẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí bíréèkì. Àyè ọkọ̀ kan kò ju bíi mítà márùn-ún lọ. Lóòótọ́, ẹni iwájú ṣì ń lọ díẹ̀ bó ṣe ń tẹ bíréèkì, àmọ́ kí bíréèkì yín tó mú, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ àyè náà tán. Kíkà méjì ló máa fún yín ní mítà 44.

Ojú ọ̀nà gbígbẹ nìyẹn o. Tójò bá rọ̀, ẹ kà á dé mẹ́rin. Bíréèkì tó ń dá ọkọ̀ dúró ní nǹkan bíi mítà 36 lórí ọ̀dà gbígbẹ lè gba 60 lórí èyí tó tutù. Òjò àkọ́rọ̀ ló tún burú jù, nítorí epo àti eruku tí ọ̀gbẹlẹ̀ kó jọ á pò pọ̀ mọ́ omi, ọ̀nà á wá máa yọ̀ bí ilá.

Ẹ lè ní ilẹ̀ tó ń yọ̀ fún yín ń yọ̀ fún ẹni iwájú náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n táyà tiẹ̀ lè jẹ́ tuntun, kí tiyín jẹ́ tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti dán. Bó bá sì kọlu nǹkan, kò ní yọ̀ mọ́, ńṣe ló máa dúró gbagidi. Nígbà tí ìdarí ọkọ̀ bá sì fúyẹ́ lọ́wọ́ yín nínú omi, táyà ti ń léfòó nìyẹn: ẹ dẹ eré, ẹ má gbá bíréèkì mọ́lẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń wọ àyè yín, wọ́n máa wọ̀ ọ́ lóòótọ́, pàápàá àwọn oní-Máíkírà wa. Ẹ rọra fà sẹ́yìn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà lọ́tun. Bí ọkọ̀ mẹ́wàá bá wọlé láti Toll Gate dé Challenge, ìṣẹ́jú kan péré kọ́ ni gbogbo ohun tó máa ná yín?