HND àti iṣẹ́ báńkì ilé nínú sííví Ìlú Ọba

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, Máńṣẹ́sítà ni mo wà. Mo ní HND akáǹtì, mo sì fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ ní báńkì kékeré kan l'Ábẹ́òkúta. Mo ti kọ̀wé síbi iṣẹ́ tó lé lógójì, ẹnikẹ́ni ò pè mí. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?"

Ẹ kú ìfaradà. HND yẹn ni ká kọ́kọ́ mú. Àwọn òyìnbó níbí náà ní HND, àmọ́ ọdún méjì ni wọ́n sábà fi ń ṣe tiwọn, ipele 5 ni wọ́n kà á sí, kò sì tó digirí. Tiwọn yẹn ni ẹni tó ń ka sííví yín máa rò. Kò mọ̀ pé ẹ ti fi ọdún méjì ṣe OND, tí ẹ lọ ṣe IT ọdún kan, kí ẹ tó padà wọ pólì fún ọdún méjì mìíràn. Ẹ kọ méjèèjì tẹ̀ léra, pẹ̀lú ọdún tí ẹ wọlé àti ọdún tí ẹ jáde. Tí ẹ bá máa kọ CGPA yín, bíi 3.21, ẹ fi hàn pé nínú 4.00 ni. Tí ẹ bá fẹ́ ìwé tó ń fi ipele HND yín hàn níbí, ẹ sanwó fún Statement of Comparability lọ́dọ̀ UK ENIC, àjọ tó ń fi ìwé ẹ̀rí òkè òkun wé ti ibí, àwọn tó rọ́pò NARIC ní 2021. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ, bó bá tiẹ̀ kéré sí ohun tí ẹ retí.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń dùn mí jù, torí ibẹ̀ la ti ń bu ara wa kù láìmọ̀. Àbúrò mi kan kọ ọ́ pé òun bójú tó ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 18 náírà ní 2015. Nígbà yẹn, owó náà ju 50,000 pọ́n-ùn lọ. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ lónìí á rí iye tó kéré sí i gan-an. Mo ní kó yọ náírà kúrò. Ó wá kọ ọ́ pé oníbàárà 140 ló wà lọ́wọ́ òun, pé òun ń lọ bá wọn lọ́jà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló san owó padà lásìkò. Sííví yìí ni wọ́n fi pè é síbi tí wọ́n ti ń gba gbèsè oníbàárà.

Bákan náà ni ọdún àgùnbánirọ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe níbi tí wọ́n rán yín lọ, torí NYSC lásán ò yé wọn. Ẹ yọ fọ́tò, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn àti ìpínlẹ̀ yín kúrò.

Ẹ tún pe ọ̀gá yín àtijọ́ báyìí, kí ẹ tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó máa jẹ́rìí yín. Ímeèlì ilé iṣẹ́ ni kó fi dáhùn, torí ọ̀pọ̀ ò ní gba ti Gmail. Àwọn NHS ń fẹ́ ìjẹ́rìí tó kárí ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó kéré tán. Ẹ mú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ jáde, kí ẹ fi oṣù inú rẹ̀ wé ti sííví. Tí oṣù méjèèjì ò bá bára mu, wọ́n lè gba iṣẹ́ tí wọ́n ti fún yín padà.