Ọjà ọdún: iye tó yẹ kí ẹ kó, ọjà tó yẹ kí ẹ dín owó rẹ̀, àti ọ̀sẹ̀ tí owó máa ń gbẹ

Ìbéèrè: Bàtà ọmọdé ni mò ń tà, ó sì ku ọ̀sẹ̀ 12 kí ọdún dé. Lọ́dún tó kọjá mo kó 20 nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, oríṣi nọ́ńbà 14 ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ 5 tó kẹ́yìn mo ta 20, 30, 50, 60 àti 80, ni àwọn nọ́ńbà tó ń tà bá tán nígbà tó ku ọjọ́ 3. Nǹkan bí 30 tí ẹnikẹ́ni ò rà ṣì wà nílẹ̀ títí dòní. Mo fẹ́ kó ìlọ́po méjì ohun tí mo tà, kí n sì fi ẹ̀dínwó ìdá 20 nínú 100 fa èrò. Mò ń ra ọ̀kan ní 60, mò ń tà á ní 100. 10,000 ló wà lọ́wọ́ mi, ìnáwó ṣọ́ọ̀bù àti tilé jẹ́ 800 lọ́sẹ̀, bàtà 12 ni mo sì máa ń tà lọ́sẹ̀ tí kì í ṣe àsìkò ọdún. Àwọn tí mò ń kó ọjà lọ́wọ́ wọn ń gba ìdajì sílẹ̀ àti ìdajì nígbà tí ọjà bá dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń gbà. Ṣé owó mi á gbé e?

Ìdáhùn: Rárá, kò lè gbé e. Bàtà 240 ni ẹ tà ní ọ̀sẹ̀ 5 yẹn, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 480, owó rẹ̀ jẹ́ 28,800. Ìdajì tí ẹ máa san sílẹ̀ nìkan á jẹ́ 14,400, ẹ ò sì ní tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ lè yáwó fi dí i, àmọ́ 480 yẹn gan-an kì í ṣe ohun tí ẹ nílò.

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ 4 péré ni ẹ fi ta 80, ìyẹn 20 lójúmọ́. Ká ní ọjà wà, ọjọ́ 3 tó kù ì bá mú nǹkan bí 60 wọlé. Ẹ fi 60 kún 240, ó di 300. Iye tí àwọn èèyàn fẹ́ rà lọ́wọ́ yín nìyẹn. Bí ẹ bá kó 480, bàtà 180 lè sùn sílẹ̀, owó tó há sínú wọn á sì jẹ́ 10,800, èyí tó ju gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ yín lónìí lọ.

Ohun tó bà yín lọ́jà jẹ́ ni pé ẹ kó 20-20 nínú nọ́ńbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń wá kò pín dọ́gba bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí ìwé tí ẹ fi ń kọ ọjà sílẹ̀, kí ẹ kọ iye tí ẹ tà nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá kọ iye ọjọ́ tí nọ́ńbà náà fi wà lórí igbá síwájú rẹ̀. Ká ní 20 inú nọ́ńbà 29 tán láàárín ọjọ́ 20, ẹyọ kan lójúmọ́ nìyẹn. Ká ní nọ́ńbà 22 wà nílẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ 35, tí 7 péré sì tà, ẹyọ kan ní ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá kó ẹyọ kan nọ́ńbà 22, márùn-ún ló yẹ kí ẹ kó nínú 29. Ẹni tó bá wo iye tó tà nìkan, láìwo ọjọ́ tó tán, á rò pé 20 péré ni àwọn èèyàn fẹ́ nínú 29. Ìṣirò ojúmọ́ yìí, pínpín ni kí ẹ fi pín 300 náà sáàárín àwọn nọ́ńbà. Ẹ má fi í fa àròpọ̀ náà sókè. Òbí tí kò bá rí 29 sábà máa ń mú 30, torí ẹsẹ̀ ọmọ ń dàgbà, ẹ sì ti ka òun náà mọ́ àwọn tó ra 30.

Ẹ má kó 300 náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún 200 nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ 9. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní ó ń gbà, àmọ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un fún ìdádúró, torí pé gbogbo oníṣòwò ló ń béèrè ọjà lásìkò yẹn. Á ti wà nílẹ̀ nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ béèrè fún 100 tó kù nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ 4, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ ọdún ṣe tà. Bí èyí pàápàá bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, kò ní bá yín lójijì: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ á gba 20, 30, 50 àti 60, ìyẹn 160, nítorí náà 40 á ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn bá bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn tí ẹ ń kó ọjà lọ́wọ́ wọn ò bá lè kó ọjà ẹlẹ́ẹ̀kejì dé lásìkò, ẹ kó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó má sì ju bí owó yín ṣe mọ lọ.

Ó wá kan owó gan-an. Ẹ fa ìlà sínú ìwé, ọ̀sẹ̀ kan sí ìlà kan: owó tó wọlé, owó tó jáde, owó tó ṣẹ́kù. Ní ọ̀sẹ̀ lásán, bàtà 12 mú 1,200 wọlé, 800 jáde, 400 ṣẹ́kù. Mo gbà pé ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù báyìí á tó yín tà títí tọdún á fi dé. Bí kò bá tó, ẹ kọ owó àkúnkún rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa san án. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́, 10,000 yín á di 11,200. Ẹ san 6,000 sílẹ̀ lórí bàtà 200, ó ku 5,200. Ọ̀sẹ̀ 3 míì á sọ ọ́ di 6,400, ọjà á dé, ẹ san 6,000 tó kù. Ohun tó máa wà lápò yín lọ́jọ́ yẹn ò ní ju 400 lọ, kò sì tó ìnáwó ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ibẹ̀ ni ewu parí sí, torí ọjà ti kún ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì parí. Ọ̀sẹ̀ lásán kan ṣì wà, owó di 800. Ọ̀sẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ mú 2,000 wọlé, 800 jáde, owó di 2,000. Ìgbà yẹn gan-an ni àsansílẹ̀ ọjà kejì, 3,000, tó san. Ẹ ti jìn sí kòtò 1,000 láàárín èrò tó ń wọlé tó ń jáde. Bí owó ṣe ń gbẹ mọ́ oníṣòwò lọ́wọ́ lásìkò ọdún nìyẹn: owó ọjà ti jáde tán kí owó oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dáadáa.

Ẹ̀dínwó wúlò níbí, àmọ́ kì í ṣe lórí ọjà tuntun. Àwọn 30 tó ti di kùtà ni kí ẹ kó síta nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ 10, kí ẹ tà wọ́n ní 60 tí ẹ rà wọ́n. Bí wọ́n bá tà tán kí ọjà tuntun tó dé, 1,800 wọlé nìyẹn, lórí owó ọ̀sẹ̀ lásán. Ẹ padà sí ìlà yín: 400 ọjọ́ tí ọjà dé di 2,200, owó tó wà nílẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ 4 di 3,800, ẹ san 3,000 sílẹ̀, 800 ṣẹ́kù. Ìnáwó ọ̀sẹ̀ kan géérégé ni, òun ni mo sì gbà pé kó jẹ́ ìsàlẹ̀ tí owó yín kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí àwọn kùtà náà ò bá rìn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ já wọn sí 50. Ẹ má dúró di ìgbà tí ọjà tuntun bá dé, torí kò sẹ́ni tó máa wo ògbólógbòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀dínwó ìdá 20 lórí gbogbo ọjà ńkọ́? Bàtà tí ẹ rà ní 60, tí ẹ tà ní 80, èrè 20 ló fún yín dípò 40. Ìdá 20 ni oníbàárà rí, àmọ́ ìdajì èrè yín ló lọ, bàtà 600 ni ẹ sì máa tà kí ẹ tó rí èrè tí 300 ì bá fún yín. Ẹ ò ní 600. Àwọn tó sì ń wá ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ń sáré wá nọ́ńbà ọmọ wọn, wọn ò ráyè rìn kiri mọ́. Bí ẹ bá ní in, wọ́n á san 100. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dínwó kan tó máa fa èrò, ẹ ṣe é fún ẹni tó bá ra méjì: kí ẹ yọ 10 lórí ẹ̀kejì. Èrè 80 á di 70, bàtà méjì á sì ti kúrò lórí igbá.

Ohun méjì ló tètè máa ń ba ìlà yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni owó tí ẹ ti tà àmọ́ tí kò tíì dé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ń tà lórí ìkànnì tó ń di owó mú fún ọ̀sẹ̀ kan, 2,000 ọ̀sẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ kò ní tíì wọlé lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san àsansílẹ̀. Ọjọ́ tí owó dé ni kí ẹ kọ sí ìlà, kì í ṣe ọjọ́ tí ọjà jáde. Àwìn náà kò yàtọ̀, ẹ má tà á rárá títí ọ̀sẹ̀ 3 á fi kù. Ìkejì ni kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ má tà tó bí ẹ ṣe rò. Bí ó bá mú 12 dípò 20, ẹ sọ ọjà kejì di 50: àsansílẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ 1,500, ẹ ṣì máa wà lókè 800. Bí ó bá sì ta 30, ẹ má jẹ́ kó gùn yín, ẹ má kọjá 130. Àsansílẹ̀ 130 jẹ́ 3,900, bàtà 10 tó lé náà á sì ti mú 1,000 wá láti gbé e.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, nǹkan bí 22,600 á wà lọ́wọ́ yín lálẹ́ ọjọ́ ọdún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti san gbogbo owó ọjà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan án, ẹ yọ 5,040 sọ́tọ̀: owó bàtà 84 tí ẹ tà nínú ọjà ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ lásán 7, tí ẹ kò tíì rọ́pò. Ẹ yọ owó ọ̀sẹ̀ tó máa tutù lẹ́yìn ọdún náà. Bí títà bá já sí 6 lọ́sẹ̀, 200 ni ẹ máa fi kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ ìnáwó, ìyẹn 1,200 fún ọ̀sẹ̀ 6. Bàtà yòówù tó bá sì ṣẹ́kù, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó rẹ̀, kó má bàa tún bá yín dé àmọ́dún.