Bí ọkọ̀ kejì bá wà níwájú, tó yà díẹ̀ sí ọ̀tún

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ń wa ọkọ̀ ojú omi tí mo sì rí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì mìíràn níwájú lálẹ́, tó yà díẹ̀ sí ọ̀tún mi, ṣé ìpàdé ojúkojú ni àbí ó fẹ́ dábùú mi? Ṣé mi ò lè yà sósì díẹ̀ kí àyè àárín wa lè fẹ̀?"

Àbúrò, má yà sósì o. Irú ìpàdé yìí burú ju èyí tó bá wà gán-an níwájú lọ, torí pé ó máa ń ṣe ènìyàn bíi pé àyè ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Ò ń lọ sí àríwá, ò ń sá máìlì òkun 14 ní wákàtí kan. Òun ń bọ̀ wá sí gúúsù, eré kan náà ló ń sá. Nígbà tí àyè àárín yín jẹ́ máìlì 8, kọ́ńpáàsì sọ pé ó wà ní dígírì 003. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yà, ẹ ó fi apá ọ̀tún kọjá lára yín, àyè náà ò sì ní tó ìdajì máìlì. Ìṣẹ́jú bíi 17 péré ló sì kù.

Ìwọ bá yà sósì ní dígírì 5. Òun náà ń wò ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì ń ti orí ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí náà bó bá rí iná aláwọ̀ ewé tó wà lápá ọ̀tún ọkọ̀ rẹ nìkan ní ìṣẹ́jú yìí, ó lè rí pupa tó wà lápá òsì pẹ̀lú rẹ̀ ní èyí tó tẹ̀ lé e. Iná funfun méjì tó wà lórí òpó rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ to léra wọn lójú rẹ̀. Ó ní ojúkojú ni, ó tẹ̀ lé Òfin 14 nínú òfin àgbáyé tó ń dènà ìkọlù ọkọ̀ lójú òkun, ó yà sọ́tún. Sósì rẹ àti ọ̀tún rẹ̀, ibì kan náà lẹ ń forí lé yẹn. Dígírì 5 tí o yà kéré débi pé kò ní tètè rí i, yálà lójú tàbí lórí rédà.

Òfin 14 ò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àríyànjiyàn: bó bá ṣiyèméjì, kà á sí ojúkojú. Yà sọ́tún ní kùtùkùtù, kó sì pọ̀ tó láti hàn. Nínú ìṣirò wa, bí o bá fi dígírì 30 yà sọ́tún nígbà tó ku máìlì 6, wàá ti gba iwájú rẹ̀ kọjá sí apá kejì nígbà tó ṣì jìnnà ju máìlì 4 lọ, ẹ ó sì fi apá òsì kọjá lára yín, pẹ̀lú ohun tó lé ní máìlì kan, kódà bí òun ò bá ṣe ohunkóhun. Iná pupa nìkan ni yóò máa rí lára rẹ, ìyẹn ló sì máa jẹ́ kó mọ ohun tí o ń ṣe. Fọn fèrè kúkúrú kan bí ẹ bá ti rí ara yín. Àmọ́ bí o bá jẹ́ kó ku máìlì 2, iwájú rẹ̀ gan-an lo máa fi ọ̀tún yẹn gbà. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ kùtùkùtù nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ó ń dábùú ńkọ́? Ọ̀tún rẹ ló wà, ìwọ ni Òfin 15 ní kó yàgò, kí o má sì gba iwájú rẹ̀. Kọ́ńpáàsì ni kí o fi mọ ewu: bí dígírì rẹ̀ ò bá yí padà bẹ́ẹ̀ ló sì ń sún mọ́ ọ, ìkọlù ń bọ̀. Bó bá wá láti òsì, ìwọ ni kó di ọ̀nà àti eré rẹ mú, òun ni kó yà. Bó bá kọ̀ tí kò yà, fọn fèrè kúkúrú 5 kánkán; bí o bá sì máa yà fúnra rẹ, Òfin 17 ní kí o má yà sósì sí ọkọ̀ tó wà lósì rẹ, àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìṣọ́ lóru tí ẹnìkan ké pè wá lórí rédíò pé ká fi iná aláwọ̀ ewé, ìyẹn apá ọ̀tún, kọjá lára wa. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà níwájú wa, a ò sì mọ èyí tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Kápẹ́nì wa ò dáhùn, ó ní ká yà sọ́tún. Ọkọ̀ tó sún mọ́ wa jù náà yà sọ́tún. Òun kọ́ ló pè wá. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà òfin lórí rédíò mọ́.

Ọkọ̀ tó bá fojú rí ara wọn nìkan ni Òfin 14 àti 15 wà fún. Nínú kùrukùru, Òfin 19 ló ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ àtidi ọ̀nà rẹ̀ mú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń kìlọ̀ pé kí a yẹra fún yíyà sósì fún ọkọ̀ tó bá wà níwájú, àfi èyí tí a bá ń lé kọjá. Kí wọ́n tó kọ òfin tòní ní 1972 ni ọkọ̀ èrò méjì, *Andrea Doria* àti *Stockholm*, ti pàdé nítòsí Nantucket ní Amẹ́ríkà ní July 1956. Rédà ni wọ́n fi ń wo ara wọn. Ọ̀kan yà sósì kí àyè lè fẹ̀, èkejì yà sọ́tún, ènìyàn 51 ló kú.